Bàbà Mopani àti Iye Tí Àjèjì Ì Bá San

Ní ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Sámbíà dá ẹjọ́ kan tó dá lé bàbà, ìyẹn irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Mopani Copper Mines, tó ń wa bàbà nílùú Kitwe àti Mufulira, ló pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà. Ilé-iṣẹ́ owó-orí Sámbíà, ZRA, ti sọ pé láàárín ọdún 2006 sí 2009, Mopani ta bàbà fún ilé-iṣẹ́ Glencore tó wà ní Swítsálandì ní iye tó kéré ju bó ti yẹ lọ. Glencore yìí kan náà ló ni ìpín tó ju méje nínú mẹ́wàá lọ nínú Mopani nígbà náà. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Àwọn adájọ́ gbè sẹ́yìn ZRA, Mopani sì ní láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 240 owó kuwáṣà, tó tó mílíọ̀nù 13 dọ́là nígbà náà.

Mo mú ẹjọ́ yìí nítorí pé ó hàn kedere ju ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó tí ilé-iṣẹ́ méjì tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ń dá lé ọjà láàárín ara wọn máa ń farasin sínú ìwé ìṣirò, àmọ́ bàbà jẹ́ ohun tí gbogbo ayé mọ iye rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lóye bí wọ́n ṣe yẹ bàbà Mopani wò á lóye ìyókù.

Tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Bódìjà bá ta kóńgò èlùbọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ìdajì iye tó ń tà á fún oníbàárà, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Èrè tó kúrò nínú àpò ìyá ti bọ́ sínú àpò ọmọ, inú ilé ló ṣì wà. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ láàárín Mopani àti Glencore nígbà náà, àmọ́ ààlà orílẹ̀-èdè méjì ló wà láàárín wọn. Sámbíà ń gba owó-orí lórí èrè tó bá hàn nínú ìwé Mopani, Swítsálandì ń gba tirẹ̀ lórí èyí tó bá hàn nínú ìwé Glencore. Iye tí wọ́n bá kọ sórí ìwé ọjà ló ń pín èrè náà sí ọ̀tún àti òsì, àwọn tó sì ń kọ ọ́, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń jíyìn fún.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Àwọn iye tó tẹ̀ lé e yìí, èmi ni mo fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, wọn kì í ṣe ti Mopani. Ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan ta ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tọ́ọ̀nù bàbà. Ní ọjà, tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 7,000 dọ́là. Ohun tí wọ́n ná kí tọ́ọ̀nù kan tó jáde nílẹ̀ jẹ́ 5,000 dọ́là. Tí wọ́n bá ta á ní iye ọjà, èrè jẹ́ mílíọ̀nù 20 dọ́là. Ṣùgbọ́n wọ́n tà á fún mọ̀lẹ́bí wọn lókè òkun ní 6,700. Èrè wálẹ̀ di mílíọ̀nù 17. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó kù kò sọnù o, ó ń dúró de ẹni tó rà á, nítorí pé òun náà á tún un tà ní 7,000. Tí owó-orí bá jẹ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nílẹ̀ tí wọ́n ti wa bàbà, ìjọba ibẹ̀ ti pàdánù 900,000 dọ́là. Tí ó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí èrè náà gúnlẹ̀ sí, 450,000 péré ni wọ́n san níbẹ̀. Ìdajì tó ṣẹ́ kù, àpò agbo ilé náà ló wà. Wọn ò jalè, wọn ò fi ọjà pamọ́, wọn ò gbé àpò owó gba ibodè kankan. Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ni gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òfin fi ń tú irú ọ̀rọ̀ yìí wò: ká ní àwọn méjèèjì kò mọra rí, tí oníkálukú ń wá ire tirẹ̀, iye wo ni wọn ì bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí? Iye yẹn, iye àjèjì, ni a ó fi ṣírò owó-orí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé. Àjọ OECD ti fi ìlànà náà sínú àwòkọ́ṣe àdéhùn owó-orí tó gbé jáde ní 1963, ní abala kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti kọ ọ́ sínú òfin tiwọn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú. Ìlànà náà kì í ṣe òfin ọ̀daràn. Agbowó-orí kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ilé-iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí lè dá iye tí kò tọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bá wọn dúnàádúrà gidi, láìjẹ́ pé wọ́n ń ronú owó-orí rárá. Tí iye náà bá ti yàtọ̀ sí iye àjèjì, a ó tún un ṣe.

Báwo wá ni ZRA ṣe mọ iye tí àjèjì ì bá san? Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe Glencore nìkan ni Mopani ń ta bàbà fún. Àwọn oníbàárà mìíràn wà tí kò bá a tan, ìwé títa tiwọn sì wà nílé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rí tí agbowó-orí fẹ́ràn jù nìyí: olùtajà kan náà, ọjà kan náà, àsìkò kan náà, ó ta fún mọ̀lẹ́bí, ó ta fún àjèjì, a sì lè gbé ìwé méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì rí i pé ti mọ̀lẹ́bí ló rẹlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ọjà irin ti Lọ́ńdọ̀nù, LME, tó ń kéde iye tọ́ọ̀nù bàbà lójoojúmọ́. Àdéhùn títa bàbà káàkiri ayé, iye yẹn ni wọ́n sábà ń so mọ́.

Àmọ́ a kì í kàn mú iye Lọ́ńdọ̀nù ká fi lu ìwé ọjà lórí. Bàbà tí wọ́n ti yọ́ mọ́ tán, tó jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ni iye yẹn wà fún. Tí ohun tí a tà bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà, tí bàbà inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹni tó rà á ṣì máa ná owó kó tó yọ́ ọ, owó yẹn sì ní láti kúrò nínú iye. Ọ̀nà tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sámbíà kò ní etíkun. Ojú irin tó gbé bàbà láti Kapiri Mposhi lọ sí èbúté Dar es Salaam ní Tànsáníà gùn tó 1,860 kìlómítà. Tí Glencore bá gba bàbà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, tí òun ló sanwó ọkọ̀ àti ìbánigbófò dé èbúté, a jẹ́ pé ó tọ́ kí iye tó san kéré sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Tí Mopani bá sì ni ẹni tó sanwó ọkọ̀, tí iye ṣì kéré bákan náà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ka gbólóhùn tó sọ ibi tí ọjà ti ń di ti olùrà kí ó tó wo iye rárá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ oṣù. Bàbà kì í ní iye kan fún ọdún. Láàárín oṣù kan sí èkejì, iye rẹ̀ lè fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Nítorí náà, àdéhùn máa ń sọ oṣù tí wọ́n máa mú ìpíndọ́gba iye rẹ̀: ó lè jẹ́ oṣù tí ọjà wọ ọkọ̀, ó lè jẹ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Láàárín àjèjì méjì, wọ́n á ti kọ oṣù náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí iye máa kọjú sí, olúwarẹ̀ á sì jẹ ohun tó bá bá a. Tí olùrà bá ń fẹ́ kí òun wo oṣù méjèèjì tán kí òun tó mú èyí tó rẹlẹ̀, ó máa sanwó fún àǹfààní yẹn, nítorí pé àǹfààní ńlá ni. Mọ̀lẹ́bí lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ọjà wọ ọkọ̀ ní oṣù Kẹta. Ìpíndọ́gba oṣù Kẹta jẹ́ 7,200, ti oṣù Kẹrin jẹ́ 6,800. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí agbowó-orí ní oṣù Kẹrin ni wọ́n lò. Tí ẹ bá wo ìwé yẹn nìkan, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀: iye Lọ́ńdọ̀nù gidi ni. Àyàfi tí ẹ bá to ọjà ọdún méjì mẹ́ta jọ ni ẹ ó rí i pé nígbàkígbà tí oṣù tó tẹ̀ lé e bá rẹlẹ̀, òun ni wọ́n lò. Ìgbàkígbà tó bá sì ga, oṣù tí ọjà wọ ọkọ̀ ni wọ́n padà sí. Òwò gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Àmì mìíràn ni ìwé àtúnṣe àdéhùn tí ọjọ́ orí rẹ̀ tẹ̀yìn ìgbà tí iye ti hàn sí gbogbo ayé. Láti lè dí ihò yìí, ìlànà OECD ti 2015 gbà kí agbowó-orí lo iye ọjọ́ tí ọjà wọ ọkọ̀, bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè fi ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé hàn nípa ọjọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ní iye tó rẹlẹ̀ kì í wá dúró láìlọ́rọ̀ lẹ́nu, àwíjàre kan sì wà tó yẹ ká gbọ́ dáadáa. Wọ́n á ní àdéhùn tí àwọn bá mọ̀lẹ́bí ṣe yàtọ̀ sí ti àjèjì: ọlọ́dún gbọọrọ ni, gbogbo ohun tí a bá wà jáde ló ń rà, òun ló sì ń gba ewu pé iye lè já wálẹ̀ mọ́ra. Àwíjàre yìí lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá gbé ewu ẹlòmíràn rù yẹ kó gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò rẹ̀ kò le. Níbo ni àwọn èèyàn tó ń pinnu ìgbà títa àti ẹni tí a ó tà fún wà? Ṣé ọ́fíìsì tó ní òun ń gbé ewu ní òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà, ṣé ó sì ní owó tó lè fi fara da òfò tó bá dé? Ọdún tí iye já, ta ló jẹ gbèsè náà gan-an? Tí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ló ń kú sí i nígbà òfò, tí èrè sì ń lọ sókè òkun nígbà ọ̀pọ̀, a jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni ewu náà wà. Nínú ẹjọ́ Mopani, àlàyé ilé-iṣẹ́ kò tẹ́ àwọn adájọ́ lọ́rùn, wọ́n sì jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn pé ẹni tó ni ìwé ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye òun tọ́. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n sọ nínú ilé ni kó wá ṣàlàyé rẹ̀.

Sámbíà kò dúró de ìdájọ́ kó tó tún òfin ṣe. Ní 2008 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin owó-orí pé bí ilé-iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí bá ń ta bàbà àti àwọn irin bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, ìpíndọ́gba iye oṣù náà ní LME ni ìjọba yóò fi ṣe ìṣirò. Ajẹntínà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2003 fún ọjà oko. Nàìjíríà náà gba ọ̀nà yìí nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2018: ọjà tí iye rẹ̀ wà ní gbangba ní ọjà àgbáyé, iye yẹn ni wọ́n máa fi wo òwò tó wà láàárín mọ̀lẹ́bí.

Ọ̀pọ̀ ọjà kò ní Lọ́ńdọ̀nù tiwọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń le. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ irú èyí tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí ní Nàìjíríà dá nílùú Èkó, ní oṣù Kejì ọdún 2020, fi èyí hàn. Prime Plastichem ń kó ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ike àti ọ̀rá wọlé láti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lókè òkun, ó sì ń tà á nílé. Níbí, olùrà ló wà ní Nàìjíríà, nítorí náà ìbéèrè yí padà: ṣé wọn kò ra ọjà náà lọ́wọ́n jù, tí èrè fi ṣẹ́ kù díẹ̀ níhìn-ín? Fún ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ náà ní òun fi iye ọjà wé iye ọjà. Fún 2014, ó yí ọ̀nà padà, ó ní èrè ni òun fi wé èrè. FIRS ní kí wọ́n fi ọ̀nà kan náà wo ọdún méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà èrè, ó sì bu owó-orí tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lé wọn. Ìgbìmọ̀ náà gbè sẹ́yìn FIRS.

Ọ̀nà èrè yìí rọrùn láti sọ. A ò mọ iye tí àjèjì ì bá ta ọjà náà, àmọ́ a lè mọ èrè tí àwọn oníṣòwò mìíràn tó ń kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ wọlé, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni tan, ń jẹ lórí ọgọ́rùn-ún náírà títà. A ó wá wọn rí, a ó to èrè wọn láti kékeré sí ńlá, a ó gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nísàlẹ̀, a ó gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lókè. Tí èrè ilé-iṣẹ́ tí a ń wò bá bọ́ sí àárín tó kù, a ó fi í sílẹ̀. Tí ó bá rẹlẹ̀ jù, wọ́n sábà máa ń gbé e lọ sí àárín gbùngbùn. Nínú ẹjọ́ Èkó yìí, wọ́n tún jà lórí èrè tí wọ́n fẹ́ kà: ṣé kí wọ́n kà á lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọ́fíìsì àti owó òṣìṣẹ́, tàbí kó jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín iye tí a ra ọjà àti iye tí a tà á nìkan? Èkejì ni FIRS lò, ìgbìmọ̀ sì fara mọ́ ọn, nítorí pé iṣẹ́ rírà-tà ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe.

Àìlera ọ̀nà yìí wà níbi wíwá àwọn tí a fẹ́ fi wé e. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà kì í fi ìwé ìṣirò rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń mú oníṣòwò Yúróòpù, tí kò ra jẹnẹrétọ̀, tí ọjà rẹ̀ kò dúró sí èbúté fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí owó ilẹ̀ rẹ̀ kò já wálẹ̀, wọ́n á fi wé ẹni tó ń tà ní Àpápá. Wọ́n lè ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí iye náà, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ó péye tán ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ibi tí òfin iye àjèjì ti rẹ̀ pátápátá ni owó orúkọ àti owó ìmọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìyá lókè òkun á ní kí ọmọ rẹ̀ tó wà níhìn-ín máa san owó lọ́dọọdún nítorí pé ó ń lo orúkọ ìdílé lára ọjà. Èló ni àjèjì ì bá san? Kò sí àjèjì kankan tó ń lo orúkọ yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tí a lè bi. Nàìjíríà yanjú èyí ní 2018 láìwá àjèjì kiri: owó tí ilé-iṣẹ́ bá san fún mọ̀lẹ́bí lórí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ lọ nínú ìṣirò owó-orí, ìyẹn èrè tí wọn ò tíì yọ owó èlé, owó-orí àti owó ìgbó ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ lásán ni, ó lè ni ilé-iṣẹ́ kan lára láìtọ́, àmọ́ èmi fara mọ́ ọn, nítorí pé ìjà tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kì í tán.

Tí Sámbíà bá gbé iye bàbà sókè, èrè kan náà ti wà nínú ìwé Swítsálandì tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì lè san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ẹ̀kan. Bí àdéhùn owó-orí bá wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn agbowó-orí wọn lè jókòó, kí èkejì dín tirẹ̀ kù. Ó máa ń pẹ́, kò sì pọn dandan kí wọ́n gbà. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ìwé ni ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Nàìjíríà ti 2018, ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí bá tó mílíọ̀nù 300 náírà gbọ́dọ̀ ti ní ìwé àlàyé lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó yẹ kó fi ìṣirò owó-orí sílẹ̀ tó pé: ẹni tó ń ṣe kí, ẹni tó ń gbé ewu wo, àwọn tí wọ́n fi wé, ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀nà yìí tí wọ́n sì fi ìyẹn sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀, ọjọ́ 21 ni wọ́n ní láti fi gbé e kalẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kọ láàárín ọjọ́ 21 yẹn, lẹ́yìn tí ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí òwò náà, agbowó-orí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n: ó máa ń sọ ohun tí kò sẹ́ni tó lè ti mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá iye náà.